Agolo ẹ̀lúbọ́ kan, ìgò epo kan: ètò oúnjẹ ilé wa fún ẹni tó fẹ́ dín sísanra kù

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta aṣọ ní Ìbàdàn ló gbé ìwé kan wá bá mi. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí i lórí fóònù, ó sì ti lọ tẹ̀ ẹ́ jáde: ètò oúnjẹ ọjọ́ 21 fún ẹni tó fẹ́ kí ara òun wálẹ̀. Òwúrọ̀, óòtì àti èso bẹ́rì. Ọ̀sán, ewé tútù àti ẹja sámọ́nù. Alẹ́, búrókólì àti igẹ̀ adìyẹ. Kò sí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ níbẹ̀, kò sí ẹ̀wà, kò sí ewédú. Ọjọ́ 12 ni ẹ̀gbọ́n mi fi ṣe é. Kì í ṣe pé kò ní ìfaradà. Ìkòkò méjì ló ń gbé kaná lójoojúmọ́, ọ̀kan fún ọkọ àtàwọn ọmọ, ọ̀kan fún ara rẹ̀, owó ẹja inú ìwé náà nìkan sì tó owó ọbẹ̀ gbogbo ilé. Lọ́jọ́ kẹtàlá, ó dé láti ọjà, ó ti rẹ̀ ẹ́, ebi ń pa á, àmàlà gbígbóná wà nílẹ̀. Ó jókòó tì í.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn tí dókítà bá ní kí wọ́n dín ìwọ̀n ara wọn kù ṣètò oúnjẹ. Ohun tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi náà ni mo máa ń sọ fún wọn. Àmàlà kọ́ ló ń múni sanra, iye tó ń wọlé ni. Nínú oúnjẹ ilé wa, ibi méjì ni iye yẹn máa ń sá pamọ́ sí jù: epo inú ìkòkò, àti òkìtì òkèlè inú àwo. Bí ọwọ́ wa bá tẹ méjèèjì, ìkòkò kan náà tí gbogbo ilé ń jẹ ti tó.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ètò yìí kò sí fún aboyún tàbí ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú. Ẹni tó bá ní àìsàn kídìnrín, kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ ná. Ẹni tó ní ìtọ̀ súgà tó ń gún abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì tàbí tó ń lo oògùn bíi gilibẹnkilamáìdì gbọ́dọ̀ rí dókítà kó tó dín òkèlè kù. Ìwọ̀n oúnjẹ tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ìwọ̀n oògùn náà. Bí oúnjẹ bá dín tí oògùn kò dín, súgà inú ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì: òógùn tútù, ọwọ́ gbígbọ̀n, ojú ṣíṣú, títí dórí dídákú.

Ọ̀sẹ̀ kìíní: ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ má yí nǹkan kan padà

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń kánjú. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ oúnjẹ kúrò kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n ń jẹ. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ fún wíwọ̀n nìkan, kí ẹ sì máa jẹun bí ẹ ṣe ń jẹ ẹ́.

Ohun tí ẹ nílò kò ju mẹ́rin lọ. Ẹ wá ìgò tó gba sẹ́ńtílítà 75, irú èyí tí wọ́n fi ń ta epo pupa lọ́jà. Ẹ wá agolo mílíìkì olómi tó ti ṣófo, èyí tí kò tóbi jù, kí ẹ fọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ ya tépù lọ́wọ́ aránṣọ. Bí òṣùwọ̀n tí wọ́n ń gùn bá wà nítòsí, kódà kó jẹ́ ti ilé ìtajà oògùn tó wà ní àdúgbò, ó dára. Bí kò sí, tépù nìkan á ṣe é.

Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ̀ tán tí ẹ kò tíì jẹ nǹkan kan, ẹ gun òṣùwọ̀n, kí ẹ sì fi tépù yí ikùn ká ní ọ̀gangan ìdodo, láìfa ikùn sínú. Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀; ti tépù yìí ni mo ń pè ní ìbàdí. Fún obìnrin, bí ìbàdí bá ti ju sẹ̀ńtímítà 80 lọ, fún ọkùnrin 94, ewu àìsàn ọkàn àti ìtọ̀ súgà ti ń pọ̀ sí i nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ bu epo kún ìgò náà, ẹ lẹ bébà mọ́ ọn lára, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí i sórí rẹ̀. Gbogbo epo tí ilé yín bá máa fi se nǹkan, inú ìgò yìí ni kó ti wá. Bí ẹ bá ń lo òróró àti epo pupa, ẹ wá ìgò méjì. Ẹ kàn ń ṣọ́ ọjọ́ tó máa tán ni.

Bí a ṣe ṣe é nílé ẹ̀gbọ́n mi rèé. Èèyàn mẹ́rin ló ń jẹun níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni ìgò kan fi tán. Kálórì ni wọ́n fi ń ka agbára inú oúnjẹ, bí a ṣe ń fi lítà ka epo ọkọ̀, èyí tí ara kò bá sì lò ló ń tò pa mọ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rá. Gíráàmù epo kan ní kálórì 9. Ti ìyẹ̀fun àti súgà kò ju bíi 4 lọ. Ṣíbí ìjẹun kan epo, tó kún dọ́gba, ní bíi 120. Ìgò sẹ́ńtílítà 75 tí èèyàn mẹ́rin jẹ tán lọ́jọ́ mẹ́ta, ìyẹn lé díẹ̀ ní ṣíbí mẹ́rin fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́, bíi kálórì 500. Nínú ọbẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò rí i bí ẹni rí oúnjẹ, kò sì yó ẹnikẹ́ni.

Mo wá ní kí ẹ̀gbọ́n mi bu iye ẹ̀lúbọ́ tó máa ń rò fún ara rẹ̀ lálẹ́ sínú abọ́. Ó bù ú bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n. Mo fi agolo mílíìkì wọ̀n ọ́n padà sínú àpò, mo ń fi ọ̀bẹ nu ẹnu agolo kó lè dọ́gba. Agolo kan. Agolo kejì. Díẹ̀ ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ abọ́, kò tó ìdámẹ́rin agolo. Ó wo àpò náà, ó wò mí. “Àbúrò, ṣé èmi nìkan ni mo ń jẹ gbogbo èyí?” Mo ní, “Ẹ̀yin nìkan ni, ẹ̀gbọ́n mi.” Agolo ẹ̀lúbọ́ kan tó dọ́gba tó bíi gíráàmù 100, kálórì inú rẹ̀ sì tó bíi 340. Àmàlà alẹ́ nìkan ń lọ sí bíi 700, kí a tó da ọbẹ̀ lé e.

Ọ̀sẹ̀ kejì: ìgò epo gbọ́dọ̀ pẹ́ ọjọ́ méje

Epo ni kí a kọ́kọ́ fọwọ́ bà, torí òun ni ẹnikẹ́ni kì í mọ̀ lára pé ó dín. Fún ilé èèyàn mẹ́rin, kí ìgò tó ń tán lọ́jọ́ mẹ́ta máa lo ọjọ́ méje. Ìyẹn bíi ṣíbí méjì tí kò kún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́. Bíi kálórì 290 ló ti kúrò láìjẹ́ pé òkèlè kankan dín. Ẹ má yọ epo kúrò pátápátá o. Fítámì Á tó wà nínú ẹ̀fọ́ nílò epo díẹ̀ kí ara tó lè gbà á, ọbẹ̀ tí kò ní epo rárá kò sì ní pẹ́ tí gbogbo ilé á fi kọ̀ ọ́.

Kí ló dé tí a fi ń da epo púpọ̀ sí ọbẹ̀ ata? Ìdí rẹ̀ ni pé ata àti tòmátò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ kún fún omi, ó sì ń kan. A wá ń da epo lé e kí a lè dín in títí ìkan náà á fi lọ. Epo kọ́ ló ń mú ìkan lọ, bí omi ṣe ń gbẹ ni. Nítorí náà, ẹ gbé ata lílọ̀ náà kaná nínú ìkòkò láìfi epo sí i, kí ẹ ṣí ìdérí sílẹ̀, kó hó títí omi rẹ̀ á fi gbẹ, tí á fi máa ta bí ẹ bá ro ó, tí ṣíbí á sì máa fi ojú ọ̀nà sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó wọn epo sí i, ṣíbí ìjẹun mẹ́rin fún ìkòkò èèyàn mẹ́rin, kí ẹ dín in fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ̀lú àlùbọ́sà. Ohun tí ọbẹ̀ bá pàdánù nínú epo, irú wooro, edé gbígbẹ àti ẹja gbígbẹ ló máa san án padà. Ẹran tí ẹ bá ti bọ̀, ẹ má dín in mọ́ kí ẹ tó sọ ọ́ sínú ọbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kó le díẹ̀, ẹ sun ún lórí ààrò.

Ẹ̀gúsí ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bíi ìdajì ìwọ̀n ẹ̀gúsí gbígbẹ jẹ́ epo fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá wá da ìgò epo pupa lé e, epo lórí epo ló ń jẹ. Ẹ fi ṣíbí kan tàbí méjì bẹ̀rẹ̀ fún odindi ìkòkò, ẹ jẹ́ kó hó dáadáa lórí iná kékeré, ẹ ó rí i pé epo ẹ̀gúsí fúnra rẹ̀ á jáde sókè. Ewédú, ilá àsè àti gbẹ̀gìrì ni ọ̀rẹ́ yín jù nínú gbogbo ọbẹ̀ wa. Gbẹ̀gìrì kò ju ẹ̀wà lọ, epo ṣíbí kan lè tó o.

Oúnjẹ dídín náà ń bẹ. Ẹ̀wà kan náà ni a fi ń ṣe mọ́ínmọ́ín àti àkàrà, ṣùgbọ́n àkàrà ń mu epo bí kànrìnkàn. Bọ̀ọ̀lì àti dòdò bẹ́ẹ̀ náà ni: ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan náà, ṣùgbọ́n dòdò ló ń mu epo. N kò ní kí ẹ má fẹnu kan àkàrà mọ́. Ẹ fi sí òwúrọ̀ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, ẹ jẹ mẹ́ta, kí ẹ tẹ́ bébà sábẹ́ rẹ̀ kí epo lè ro dànù. Epo tí ẹ fi dín in, ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó dín, ẹ wọ̀n èyí tó ṣẹ́ kù, ìyàtọ̀ wọn ni kí ẹ yọ nínú ti ìgò ọ̀sẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹta: ìyẹ̀fun ni kí ẹ wọ̀n, kì í ṣe òkèlè

Òkèlè tó ti jinná kò ṣeé fi ojú wọ̀n. Èyí tó rọ̀ lómi púpọ̀, á tóbi. Èyí tó le, á kéré. Bí agolo ìyẹ̀fun tó wọ inú omi bá jẹ́ ọ̀kan, agolo kan ni ẹ jẹ, ì báà rọ̀, ì báà le. Fún ọ̀pọ̀ obìnrin tí kì í ṣe iṣẹ́ agbára, agolo kan tó dọ́gba ni mo máa ń ní kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ fún oúnjẹ òkèlè kan lóòjọ́. Ọkùnrin tàbí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ oko tàbí tó ń gbẹ́rù lè lo agolo kan àti ààbọ̀. Bí ẹ bá ń ro ti gbogbo ilé nínú ìkòkò kan, ẹ ka iye agolo tó wọlé. Bí ó bá jẹ́ mẹ́fà, ìdá kan nínú mẹ́fà ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ìgbákọ bù sọ́tọ̀ fún ara yín, kí àwọn yòókù tó bu tiwọn.

Ibí ni ọ̀rọ̀ wíìtì ti wọlé, n kò sì fẹ́ sáré kọjá lórí rẹ̀, torí owó àwọn èèyàn ń ṣòfò níbẹ̀. Wọ́n ti sọ fún wọn pé ẹni tó bá fẹ́ dín ara kù, wíìtì ni kó máa rò, kó fi àmàlà àti ẹ̀bà sílẹ̀. Gíráàmù 100 ìyẹ̀fun wíìtì, ẹ̀lúbọ́ àti gaàrí, gbogbo wọn wà láàárín bíi 330 sí 360. Wíìtì tí wọn kò yọ èèpo rẹ̀ kúrò ní fáíbà jù gaàrí lọ, ìyẹn sì dára fún ẹni tí ìgbẹ́ rẹ̀ ń gan. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi agolo méjì wíìtì rọ́pò agolo méjì ẹ̀lúbọ́ kò tíì dín nǹkan kan kù. Ẹ̀lúbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà ni. Èyí tí ẹ bá fẹ́ràn, tí owó yín sì ká, ẹ jẹ ẹ́ ní agolo kan. Ní ti iyán, iṣu sísè gíráàmù 300 ló sún mọ́ agolo gaàrí kan. Bí ẹ kò bá ní òṣùwọ̀n ilé ìdáná, ẹ ní kí ìyá tó ń ta tòmátò tútù lọ́jà, tó ní òṣùwọ̀n kílò, bá yín gbé e lẹ́ẹ̀kan kí ojú yín lè mọ̀ ọ́n.

Agolo kì í fi ìwọ̀n kan náà gbé gbogbo nǹkan. Ìrẹsì wúwo ju ìyẹ̀fun lọ: agolo ìrẹsì tútù kan lọ sí bíi gíráàmù 140, kálórì 500. Nítorí náà, ìdajì agolo ni ti ẹnì kan, kí ó tó wọ omi. Ẹ̀wà náà wúwo, ṣùgbọ́n òun yàtọ̀, torí ó ní amúaradàgbà àti fáíbà tó ń jẹ́ kí ikùn dúró pẹ́. Ẹ lè jẹ ìdá méjì nínú mẹ́ta agolo ẹ̀wà ní ọ̀sán kó tó di pé ebi tún kanlẹ̀kùn ní alẹ́. Bí ẹ bá se é, epo díẹ̀ ni kí ẹ bu lé e.

Bí òkèlè bá dín, ohun kan gbọ́dọ̀ wọ àyè tó ṣí sílẹ̀ nínú àwo. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìbínú ebi á wọ̀ ọ́. Ẹ kún un pẹ̀lú ẹ̀fọ́. Ìgbákọ méjì ẹ̀fọ́ rírò, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbọ̀rọ̀ tàbí ẹ̀fọ́ ìgbo, tí epo rẹ̀ kò pọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹja tàbí ẹran tó tó àtẹ́lẹwọ́ yín, láìka ìka mọ́ ọn. Ẹja kótẹ̀ àti àrọ̀ dára, títùs náà dára, ṣùgbọ́n títùs lọ́ràá fúnra rẹ̀, ẹ má dín in. Pọ̀nmọ́ ń kún ẹnu, kò sì lọ́ràá púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi rọ́pò ẹja pátápátá, torí amúaradàgbà inú rẹ̀ kò pé. Ìlànà jíjẹ rẹ̀ náà ní ipa: ẹ kọ́kọ́ jẹ ìdajì ẹ̀fọ́ àti ẹja náà pẹ̀lú ṣíbí, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé òkèlè. Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀ jálẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní ẹ̀fọ́ kì í ṣe oúnjẹ àdájẹ. Lọ́jọ́ kẹrin, ó ní òkèlè ṣẹ́ kù lọ́wọ́ òun.

Bí ọ̀sẹ̀ kan ṣe lè rí

Ìkòkò kan náà ni o. Ọjọ́ Ajé, mọ́ínmọ́ín ńlá kan àti ẹ̀kọ tútù kan láàárọ̀. Ìrẹsì ìdajì agolo pẹ̀lú ọbẹ̀ ata, ẹja àti ẹ̀fọ́ ní ọ̀sán. Àmàlà agolo kan, ewédú, gbẹ̀gìrì àti ẹran lálẹ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ògì tí kò ní súgà àti ẹyin sísè méjì. Ẹ̀wà ní ọ̀sán. Bọ̀ọ̀lì kan pẹ̀lú ẹja sísun àti ọbẹ̀ ata lálẹ́. Ọjọ́rú, iṣu sísè ègé kan àti ẹyin tí a fi ata àti tòmátò sè, kì í ṣe èyí tó ń wẹ̀ nínú òróró. Ní ọ̀sán, ẹ̀bà agolo kan pẹ̀lú ilá àsè. Lálẹ́, ẹ̀kọ méjì àti ẹ̀fọ́ ẹlẹ́ja. Ọjọ́bọ̀, Ẹtì àti Àbámẹ́ta, ẹ pààrọ̀ wọn bí ọjà bá ṣe rí. Ọjọ́ Àìkú ni ti iyán àti ẹ̀gúsí nílé ẹ̀gbọ́n mi, a kò sì yọ ọ́ kúrò. Ìkòkò náà kàn gba ṣíbí epo méjì dípò ìdajì ìgò.

Ẹni tó ń jẹ ní búkà ní ọ̀sán kò lè wọ̀n epo olóúnjẹ. Ẹ ní kí wọ́n bu ọbẹ̀ fún yín láti ìsàlẹ̀ ìkòkò, kì í ṣe láti òkè tí epo léfòó sí. Ẹ ra àmàlà kan ṣoṣo, kí ẹ sì fi owó ìkejì fi ewédú kún un tàbí ra ẹja sí i.

Àwọn àgbà ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Èyí tó ṣe kẹ́nu-má-dilẹ̀ lóde òní kì í ṣe gúgúrú nìkan mọ́. Ẹ̀yìn ìgò ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò ni kí ẹ wò, ibi tí wọ́n kọ gíráàmù súgà sí. Kóró súgà kan jẹ́ gíráàmù 4. Ìgò sẹ́ńtílítà 50 tó ní gíráàmù 10 nínú mílílítà 100 kọ̀ọ̀kan ti gbé kóró 12 mì. Gaàrí mímu náà, agolo gaàrí kan, súgà kóró mẹ́rin àti ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan, ó ti sún mọ́ 600, síbẹ̀ ẹni tó mu ún á ní òun kò tíì jẹun. Bí ẹ bá máa mu gaàrí, ẹ kà á sí oúnjẹ ọ̀sán, ẹ yọ súgà, kí ẹ fi ẹja dídín kékeré tàbí ẹ̀wà sí i. Fún ẹnu tí kò fẹ́ dilẹ̀, ọsàn tí a bó jẹ pẹ̀lú ìhá rẹ̀, ìbẹ́pẹ, kùkúḿbà tàbí àgbálùmọ̀ ló yẹ.

Nígbà tí òṣùwọ̀n bá dúró

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ ní kílò 94, ìbàdí 108. Epo tó dín yọ bíi 290 kúrò lóòjọ́, agolo ẹ̀lúbọ́ tó dín yọ bíi 340, ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò tó fi sílẹ̀ yọ bíi 170. A dá bíi 250 padà sínú ẹ̀fọ́, ẹja àti mọ́ínmọ́ín. Ó ku bíi 550. Kílò ọ̀rá ara kan ń gbé bíi 7,700, nítorí náà a ń retí nǹkan bí ìdajì kílò lọ́sẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kìíní tó yí oúnjẹ padà, kílò kan ààbọ̀ lọ. Inú rẹ̀ dùn, mo sì ní kó má tíì yọ̀. Omi ló pọ̀ jù nínú ìyẹn: bí òkèlè àti iyọ̀ bá dín, omi tí ara ń dì mọ́ wọn á jáde. Èyí náà ni ẹ̀tàn tíì tí wọ́n ń tà fún yíyọ ikùn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ewé sẹ́ná, tó ń mú èèyàn yàgbẹ́. Omi àti ìgbẹ́ ló lọ, ọ̀rá wà níbẹ̀, ẹni tó bá sì ń mu ún lójoojúmọ́ lè pàdánù pòtáṣíọ̀mù tó ń jẹ́ kí ọkàn lù dáadáa.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ó wà ní 89 àti díẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án sí ìkọkànlá, òṣùwọ̀n kò mira. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ má sáré dín òkèlè sí i. Ẹ kọ́kọ́ wo tépù: bí ìbàdí ṣì ń dín, ọ̀rá ṣì ń lọ, ẹ ní sùúrù. Bí tépù náà bá dúró, ẹ padà sí ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ wọ̀n ohun gbogbo fún ọjọ́ mẹ́ta, títí kan èyí tí ẹ ń tọ́ wò lórí iná àti èyí tí ẹ ń jẹ ní ṣọ́ọ̀bù. A ṣe é. Ìgò epo ṣì ń lo ọjọ́ méje. Agolo ṣì jẹ́ ọ̀kan. Nígbà tí mo lọ kí i ní ṣọ́ọ̀bù, mo rí ìgò ẹ̀pà lẹ́yìn àwọn aṣọ àǹkárá. Ẹ̀pà sísun tó kún ìgò sẹ́ńtílítà 75 lọ sí bíi gíráàmù 450, kálórì tó ju 2,500 lọ. Ìgò kan ló ń jẹ lọ́sẹ̀, ẹ̀kúnwọ́ kan bí oníbàárà bá lọ tán, èyí tó ju 350 lọ lóòjọ́. Kò parọ́ fún mi rárá; kò kà á sí oúnjẹ ni. Ẹ̀pà dára fún ara, a kò sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. A ń wọ̀n ẹ̀kúnwọ́ kan sínú ike kékeré láàárọ̀, ìgò sì dúró sílé.

Àmì méjì mìíràn wà tó yẹ kí ẹ ṣọ́. Bí ebi bá ń jí yín lóru, ó lè jẹ́ pé amúaradàgbà ọ̀sán ló kéré: ẹ fi ẹyin kan tàbí ẹ̀wà kún un, kì í ṣe òkèlè alẹ́. Bí ìgbẹ́ bá gan, omi àti ẹ̀fọ́ kò tó. Ṣùgbọ́n bí ìwọ̀n ara bá ń já ju kílò kan lọ lọ́sẹ̀ lẹ́yìn oṣù kìíní, tàbí tó ń lọ láìjẹ́ pé ẹ dín nǹkan kan kù, ẹ lọ rí dókítà. Ìtọ̀ súgà, ikọ́ fée àti gẹ̀gẹ̀ ọrùn lè fa ìyẹn.

Ní ti òde ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ̀gbọ́n mi kì í lọ pẹ̀lú ikùn òfìfo mọ́. Ó máa ń jẹ mọ́ínmọ́ín kan nílé. Ní òde, ó ń mú àwo kan, ẹja tàbí ẹran, ìrẹsì díẹ̀, omi. Èyí tí wọ́n bá dì fún un lọ sílé, àwọn ọmọ aládùúgbò ló ń jẹ ẹ́. Bí òde bá di méjì lọ́sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ yẹn kì í sábà dín nǹkan kan, a sì ti gbà bẹ́ẹ̀.

Lópin ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlógún, ó wà ní kílò 87, ìbàdí 100. Ara tó kéré ń jó agbára díẹ̀, nítorí náà ìdajì kílò lọ́sẹ̀ ti di bíi ìdámẹ́rin kílò. Mo fẹ́ dín agolo rẹ̀ sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ó ní rárá, agolo òun kó dúró, òun á máa fi ẹsẹ̀ rìn láti ọjà dé ilé ní ìrọ̀lẹ́, ìrìn ìṣẹ́jú 35. A kọ ọ́ sórí bébà, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìgò epo, lábẹ́ ọjọ́ tí a ṣí i.